Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tuntun lágbára ju àṣẹ ìparẹ́ lọ?

Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà. Ìdí nìyí tí ìkànnì tí sáfà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí sáfà tó sún mọ́ àwọn tó ń wò ó ní Èkó. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún fáìlì kan ṣe, tí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà káàkiri. Ẹnìkan lè ní kí wọ́n kàn pàṣẹ pé kí àwọn sáfà náà pa á rẹ́. Lóòótọ́, àṣẹ náà lè kárí ayé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé inú búráúsà òǹwòran, níbi tí ẹ̀dà mìíràn fara pamọ́ sí. Ó sàn kí `ara.css` di `ara.7f3a.css`: kò sẹ́ni tó ní ẹ̀dà orúkọ yìí tẹ́lẹ̀, nítorí náà gbogbo sáfà àti búráúsà á lọ mú tuntun. A wá lè fọkàn balẹ̀ fún un ní ọdún 1 gbáko:

```
Cache-Control: public, max-age=31536000, immutable
```

Àbí ojú ewé tó ń pe fáìlì náà ńkọ́, nígbà tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò ṣeé yí padà? Òun ni kí a fún ní `no-cache`. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ o; ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n bi sáfà àkọ́kọ́ léèrè kí wọ́n tó lò ó. Bí o bá sì fẹ́ mọ irú ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, wo `Age` fáìlì náà: bí ó bá ju àkókò tó ti kọjá lẹ́yìn àtúnṣe lọ, ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lójú rẹ yẹn.