Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Lẹ́tà dókítà fún oògùn olówó ńlá

Ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ní imatínìbù lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn náà. Ẹ̀rí dókítà ló ń ṣílẹ̀kùn irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn ló ní àìsàn yìí. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "ó nílò ìrànwọ́" kò tó. Dókítà àgbà fún àìsàn ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn náà, kó sì so èsì àyẹ̀wò tó fi kúrómósómù Filadẹ́fíà hàn mọ́ lẹ́tà náà, torí àléébù tó ti ibẹ̀ wá gan-an ni imatínìbù ń dojú kọ. Kó ṣàlàyé pé haidirọsiyuríà tí aláìsàn ń lò tẹ́lẹ̀ ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, àmọ́ kò dá àìsàn dúró. Kó kọ ìwọ̀n imatínìbù tí aláìsàn máa lò: mílígíráàmù 400 lójoojúmọ́.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ wò ó bóyá orúkọ inú lẹ́tà bá ti èsì àyẹ̀wò mu, bóyá ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan pamọ́.