Kí Igi Òrùlé Tó Gun Orí Ilé
Ìwé ìlàlóye fún onílé àti káfíńtà ní Koro, Ọ̀sí, Ìlọfà àti agbègbè wọn

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́míìlì kún fún omi. Omi inú rẹ̀ lè wúwo tó ìdajì igi gbígbẹ náà, nínú igi mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí káfíńtà bá kàn án mọ́ òrùlé ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ já a sílẹ̀, orí ilé ni yóò ti gbẹ. Yóò súnkì, yóò lọ́, ojú ìṣó yóò sì dẹ̀. Nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá wá dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, páànù tí ìṣó rẹ̀ ti dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ká. Páànù la máa ń bú, bẹ́ẹ̀ igi tútù ló sábà máa ń fà á.

Omi yìí kan náà ló ń pe ìjẹrà. Olú tó ń mú igi rà kì í rí ọ̀nà ṣiṣẹ́ nínú igi tí omi rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100. Igi tó bá gbẹ dé ìdá 15, tí òrùlé kò sì jò sí i lórí, kò ní rà. Ṣùgbọ́n gbígbẹ nìkan kò dá ikán dúró. Ikán ń gbé omi tirẹ̀ wá láti inú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi pín sí méjì: ká gbẹ igi, ká sì fún un ní oògùn. Èyí tó máa ṣáájú nínú méjèèjì wà lọ́wọ́ irú oògùn tí ẹ bá rà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe.

Irú igi wo lẹ ń rà?

Inú ìrókò, apá, ìdígbó àti ọpẹpẹ ní agbára tirẹ̀ sí ikán àti ìjẹrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára wọn kò dọ́gba. Arère àti àfàrà kò ní i. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti kàn, owó wọn sì rọlẹ̀, nítorí náà wọ́n wúlò bí a bá fún wọn ní oògùn. Ẹ kíyè sí ohun kan lọ́jà: apá funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo kò lágbára nínú igi kankan. Bí pákó ìrókò bá ní etí funfun, ikán yóò jẹ etí náà bó ṣe ń jẹ arère. Ẹ yí pákó sí ọ̀tún àti sí òsì kí ẹ tó sanwó.

Oògùn tó ń wọ igi tútù

Ká ní onílé kan ní Koro fẹ́ fi arère tú-báì-fọ̀ kan òrùlé. Ó ra pákó ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ sópin. Oògùn tó bá a mu ni bóráàsì pẹ̀lú bóríìkì ásíìdì. Omi ló ń gbé oògùn yìí wọ inú igi, nítorí náà igi gbọ́dọ̀ ṣì tutù nígbà tí a bá ń lò ó. Ó tún gbọ́dọ̀ yá: arère tútù máa ń hu ẹ̀bu láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á sì di aláwọ̀ dúdú.

Ẹ ṣe kòtò tó gùn tó pákó, kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ po kílò 6 bóráàsì àti kílò 4 bóríìkì ásíìdì mọ́ lítà 90 omi gbígbóná, kí ẹ rò ó títí yóò fi yọ́ tán. Ẹ rẹ pákó sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ gbé òkúta lé e kó má léfòó. Lẹ́yìn náà ẹ tò ó jọ, kí ẹ fi tapólíìnì bò ó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Inú ìbòrí yìí ni oògùn tó wà lára pákó ti ń rìn lọ sí àárín rẹ̀. Ẹni tó bá yára ṣí i, ojú pákó nìkan ló fún ní oògùn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ mu omi kòtò náà, ẹ má sì fi àjákù pákó tó ti gba oògùn dáná oúnjẹ.

Gbígbẹ lásìkò ọyẹ́

Nígbà yìí oṣù kọkànlá ti ń parí, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti dé tán. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kí ìsàlẹ̀ pákó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sí ilẹ̀. Láàárín ìpele pákó kan sí èkejì, ẹ fi igi pẹ́ẹ́rẹ́ oní íńṣì 1 há a, kí àlàfo igi kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Àwọn igi pẹ́ẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní òró lórí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, pákó yóò tẹ̀. Ẹ fi páànù àtijọ́ bo òkè, ẹ kun orí pákó méjèèjì, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ dí ìhà àríwá ìlà-oòrùn tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ọyẹ́ tó bá kọlù ú tààrà yóò mú kí ó là.

Ta ló wá máa sọ pé ó ti gbẹ? Òṣùwọ̀n ni, kì í ṣe ojú. Ẹ yan pákó kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kó wà ní ibi tó rọrùn láti fà yọ. Lọ́jọ́ tí ẹ tò ó, ẹ gé ègé kékeré kan lára rẹ̀, jìnnà díẹ̀ sí orí, kí ẹ sì wọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ká ní pákó wọn kílò 9, ègé wọn gíráàmù 900. Ẹ gbé ègé náà lọ sí ilé búrẹ́dì, kí wọ́n fi sínú ààrò lẹ́yìn tí ooru rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ní dínkù mọ́. Bó bá kù sí gíráàmù 600, omi tó jáde jẹ́ 300, èyí tí í ṣe ìdá 50 nínú 100 igi gbígbẹ. Nítorí náà kílò 6 péré ni igi tó wà nínú pákó oníkílò 9 yẹn. Ní ìdá 15, yóò wọn kílò 6.9. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Pákó oní íńṣì 2 sábà máa ń gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òpin oṣù kejì sí ìkẹta ni yóò yá fún kíkàn.

Oògùn tó ń fẹ́ igi gbígbẹ

Sólígínọ́ọ̀mù àti irú rẹ̀ jẹ́ oògùn olóròóró. Igi tútù kì í gbà wọ́n, nítorí omi ti gba àyè inú rẹ̀. Ẹ gbẹ igi ná, kí ẹ wá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Orí pákó ló ń mu omi jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú oògùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní gbogbo ibi tí káfíńtà bá tún fi ayùn gé lókè, ẹ bá a kun ojú tuntun náà kó tó kàn án. Ọ́ìlì mọ́tò tí a ti lò kò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ yìí, ó sì ń ba awọ ara jẹ́. Bákan náà, ẹ má da Gamalíìnì 20 sí ìpìlẹ̀ tàbí sára igi: oògùn inú rẹ̀ ti wà láti ọdún 2009 lára àwọn tí àdéhùn Sítọ́kóòmù fẹ́ kí ayé pa tì, nítorí kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti omi.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé

Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sábẹ́ igi tó sùn lórí ògiri, kí omi ògiri má baà gun un. Bóráàsì máa ń bá omi lọ, nítorí náà ibi tí páànù bá ti jò, oògùn ibẹ̀ yóò dínkù. Ní ọdọọdún lẹ́yìn òjò, ẹ gun inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ. Ọ̀nà amọ̀ tín-ín-rín lórí ògiri jẹ́ ti ikán ilẹ̀: ẹ fọ́ ọ, kí ẹ tọ̀ ọ́ dé ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn hóró kéékèèké bí iyanrìn lórí sílíìnì, tí kò sì sí amọ̀ níbì kankan, ikán inú igi gbígbẹ ni, kì í wá láti ilẹ̀, igi tó ń gbé inú rẹ̀ sì ni a ó wá kàn. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, tí igi sì ṣẹ́ gbúrú láìní ìpẹ́pẹ́, ó ti rà. Ẹ gé e kọjá ibi tí ẹ rí tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ dí ibi tó ń jò kí pákó tuntun tó gun òkè.