Nọ́ńbà Kan Tó Fara Pamọ́ Sínú Tábìlì Ọjọ́ Orí

Ká ní a ka eku inú àká kan lọ́dún yìí, a tún kà wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a sì rí i pé wọ́n ti di ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ìlọ́po márùn-ún ni wọ́n fi ń pọ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ náà lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ọjọ́ orí àwọn eku náà kò dọ́gba. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò lè bímọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa kú kí wọ́n tó dàgbà. Bó bá jẹ́ pé àgbà ló pọ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ kà wọ́n, ọmọ á ya bò wá lọ́dún kejì. Bó bá jẹ́ ọmọ ló pọ̀, iye wọn lè lọ sílẹ̀ ná.

Patrick Holt Leslie ló wá ọ̀nà láti gba ìdàrúdàpọ̀ yìí kọjá. Ní Ọ́ksífọ́ọ̀dù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣiṣẹ́, nílé ìwádìí nípa iye àwọn ẹranko tí Charles Elton dá sílẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ eku ti jẹ́ iṣẹ́ gidi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí oúnjẹ tí eku ń bà jẹ́ nínú àká. Lọ́dún 1945, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Biometrika, tó fi hàn pé a lè kó ìbí àti ikú gbogbo ọjọ́ orí sínú tábìlì nọ́ńbà kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní mátíríìsì. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe tábìlì náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Mo fi ojú inú ṣẹ̀dá ẹranko kan tí kì í lò kọjá ọdún mẹ́ta, abo rẹ̀ nìkan la ó sì máa kà. Lọ́dún àkọ́kọ́ kì í bímọ. Tó bá wà lọ́dún kejì, abo kọ̀ọ̀kan á bí ọmọbìnrin 6. Tó bá wà lọ́dún kẹta, á bí 8, á sì kú. Ìdajì àwọn ọmọ tuntun ló ń yè dé ọdún kejì, ìdajì àwọn tó dé ọdún kejì ló sì ń yè dé ọdún kẹta. Bí tábìlì rẹ̀ ṣe rí nìyí:

```
0     6     8
0.5   0     0
0     0.5   0
```

Ìlà òkè ni ìbí. Ìdajì méjì tó wà nísàlẹ̀ ni àwọn tó yè. Láti mọ iye tó máa wà lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sọ iye àwọn tó wà lọ́dún kejì di ìlọ́po 6, ti ọdún kẹta di ìlọ́po 8, a ó pa méjèèjì pọ̀: àwọn ni ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà, ìdajì ọmọ ti tẹ́lẹ̀ á bọ́ sí ọdún kejì, ìdajì ti ọdún kejì á bọ́ sí ọdún kẹta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 48 lápapọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ tuntun á di 224, ẹgbẹ́ méjì yòókù á sì jẹ́ mẹ́jọ mẹ́jọ: 240 lápapọ̀. Ìlọ́po márùn-ún rèé lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 228 péré ni wọ́n, wọ́n ti dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n di 816, lẹ́yìn náà 1,164, lẹ́yìn náà 2,904. Ẹni tó bá ń wo iye yìí láti ọdún dé ọdún á rò pé àìsàn ló jà lọ́dún kan, tí oúnjẹ sì pọ̀ lọ́dún kejì. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìbí àti ikú wọn rárá.

Ẹ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú sùúrù. Ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e mú 5,124 wá, lẹ́yìn náà 11,040, lẹ́yìn náà 21,180, lẹ́yìn náà 43,368. Bí ẹ bá fi iye ọdún kọ̀ọ̀kan pín iye ọdún tó tẹ̀ lé e, èsì rẹ̀ ti ń rọ̀gbà yí 2 ká: 2.15, lẹ́yìn náà 1.92, lẹ́yìn náà 2.05. Nọ́ńbà 2 yìí ni wọ́n ń pè ní áígínfálù tó jẹ gàba nínú tábìlì náà. Òun ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pọ̀ sí i ní tòótọ́, ibikíbi tí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, òun náà la ó bá níwájú. Ìpín àwọn ọjọ́ orí pẹ̀lú á fìdí múlẹ̀: bí ọmọ tuntun bá jẹ́ 16, àwọn tó wà lọ́dún kejì á jẹ́ 4, ti ọdún kẹta á jẹ́ 1. Tí ẹ bá mú 16, 4 àti 1 gba inú tábìlì yẹn kọjá, ẹ ó rí 32, 8 àti 2. Ohun gbogbo di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹgbẹ́ tó yára ju ẹgbẹ́ lọ.

Ibí yìí ni ẹni tó ń ka ẹranko ti lè mọ̀ bóyá òun ti rí ìwọ̀n gidi. Kó má wo àpapọ̀ nìkan. Kó wo ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá di ìlọ́po mẹ́ta tí àgbà sì dín kù, ọjọ́ orí ló ṣì ń dà á láàmú, ìwọ̀n náà kò tíì hàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 2, nígbà tí abo kọ̀ọ̀kan ń fi ọmọbìnrin márùn-ún sílẹ̀ láyé? Márùn-ún ni lóòótọ́: ìdajì yè láti bí 6, èyí fún wa ní 3; ìdámẹ́rin yè láti bí 8, èyí fún wa ní 2. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn 3 yẹn dé lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí gbogbo wọn ti di ìlọ́po 4, nítorí náà a ó fi 4 pín wọn. Àwọn 2 dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a ó fi 8 pín wọn. Ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin àti ìdámẹ́rin, àpapọ̀ wọn jẹ́ 1 gééré. Nọ́ńbà tó bá mú kí ìṣirò yìí jẹ́ 1 ni ìwọ̀n tí à ń wá. Èyí ló wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Leslie: bí ọmọ márùn-ún náà bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta látòkè délẹ̀, ìwọ̀n náà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 1.71, láìjẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo dín. Ìgbà tí wọ́n bímọ lágbára tó iye tí wọ́n bí.

Kì í ṣe gbogbo tábìlì ló máa ń fara balẹ̀. Ọdún mẹ́rin ṣáájú Leslie, lọ́dún 1941, Harro Bernardelli ti tẹ irú ìṣirò yìí jáde ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun wa wá jà nígbà tó yá. Kòkòrò inú àpẹẹrẹ tirẹ̀ náà ń lo ọdún mẹ́ta: ìdajì yè lọ́dún kìn-ín-ní, ìdámẹ́ta yè lọ́dún kejì, ọdún kẹta nìkan ni wọ́n ń bímọ, 6 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń bí kó tó kú. Ẹ fi 300 sínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ jẹ́ 900. Ọdún tó tẹ̀ lé e á jẹ́ 2,050, lẹ́yìn náà 1,550, lẹ́yìn náà wọ́n á padà sí 900, 300 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bíi ti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa yí po láìdáwọ́ dúró. Nọ́ńbà 1 ni ìwọ̀n wọn, àmọ́ kò jẹ gàba, torí áígínfálù méjì mìíràn wà nínú tábìlì náà tí agbára wọn dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀. Ohun tó fa á ni pé ọjọ́ orí kan ṣoṣo ló ń bímọ. Kí ẹgbẹ́ méjì tó tẹ̀ léra máa bímọ, bíi ti ẹranko àkọ́kọ́ wa, ti tó láti mú kí ìyípo náà máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí tábìlì náà kò mọ̀ ni pé àyè ń há. Ó gbà pé ìbí àti ikú kò ní yí padà láé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹranko tó ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún á jẹ àká tán láìpẹ́. Leslie fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ àyè tó há yìí nínú àpilẹ̀kọ mìíràn lọ́dún 1948. Nítorí náà, ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni bí nǹkan á ṣe rí bí ipò òní kò bá yí padà.

Ìṣirò yìí náà ni wọ́n ń ṣe fún èèyàn, tí wọ́n ń to àwọn obìnrin sí ẹgbẹ́ ọdún márùn-ún márùn-ún. Níbi tí àwọn ọmọdé ti pọ̀ bíi ti Nàìjíríà, bí ìyá kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ lónìí sí í bí kìkì ọmọbìnrin tó máa rọ́pò rẹ̀, áígínfálù á bọ́ sí 1 lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀ iye èèyàn á ṣì máa lọ sókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí àwọn ọmọbìnrin tó máa bí àwọn ọmọ náà ti wà nílé báyìí, wọn ò tíì dàgbà ni.