Bí Ọ̀rẹ́ Rẹ Bá Túfọ̀ Fún Ọ Lórí Ímeèlì

Nílé, ẹsẹ̀ la fi ń bá èèyàn kẹ́dùn. Wàá wọlé, wàá jókòó, o lè má sọ ju gbólóhùn méjì lọ, wọ́n á sì mọ̀ pé o wá. Ní Prince George's níbí, ọ̀rẹ́ kan ń gbé Bowie, èkejì wà ní Laurel, ẹ̀kẹta ti lọ kàwé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nítorí náà ímeèlì ló sábà máa ń gbé ìròyìn ikú dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 2020 kò tiẹ̀ sí ọ̀nà míì. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Maryland fi òfin dè é ní oṣù kẹta ọdún náà pé kí èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ má ṣe péjọ. Oṣù yẹn kan náà ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Àbújá fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè òkun, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú láàárín ìgbà yẹn, lẹ́tà àti fóònù ni àwọn ọ̀rẹ́ fi wọlé tọ̀ ọ́.

Lẹ́tà yẹn kì í rọrùn láti kọ. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀yin mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá bàbá rẹ̀ ti jáde láyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni ọdún 91. Mùsùlùmí ni Màmá. Ìdájí ni wọ́n kú, wọ́n sì ti sin wọ́n ní aago méjì ọ̀sán. Wákàtí márùn-ún ni Nàìjíríà fi ṣíwájú Maryland nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la wà níbí nígbà tí wọ́n sin Màmá. Ọ̀rẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ó fi kún un nísàlẹ̀ pé àwọn kò tíì sọ fún àǹtí òun ní Lọ́ńdọ̀nù, ara àǹtí kò yá.

Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ kà dáadáa. Yorùbá kì í ju ìròyìn ikú sílẹ̀ gbàrà. A máa ń túfọ̀ ni, ìyẹn ni pé wọ́n á yan ẹni tí yóò sọ ọ́, ẹni tí yóò gbọ́ ọ ṣáájú, àti ẹni tí wọn kò ní sọ fún títí di ìgbà tí ẹnì kan bá jókòó tì í. Bí o bá tẹ Reply All, tí ìbátan àǹtí kan bá sì wà nínú àwọn mẹ́fà yẹn, o ti bá wọn túfọ̀ láìgbàṣẹ. Reply ni kí o tẹ̀. Má sì gbé àwòrán Màmá sí orí Ínsítágíráàmù títí ìdílé fúnra wọn yóò fi gbé e síta. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ojú fóònù ni ọmọ ti bá ikú ìyá rẹ̀ pàdé, àwọn tó kọ ọ́ rò pé inú rere ni àwọn ń ṣe.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni irú òkú tó jẹ́. Ẹni ọdún 91 tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé, òkú àgbà ni. Àwọn àgbà á máa kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ pé, "Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè," torí pé ọmọ rí ìyá rẹ̀ sin, owó fídáù ọjọ́ kẹjọ sì ti dé ọrùn rẹ̀. Ìkíni tó tọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá ló ni ín. Ọ̀rẹ́ rẹ kò náwó kankan, ẹkún ló ń sun. Bóyá Màmá gbé ọdún mẹ́rin ní Lanham lọ́dọ̀ wọn, àwọn ló ń di irun fún un lọ sí ilé ìwé. Bí o bá sọ fún un pé kó má sunkún, pé Màmá ti dàgbà, òótọ́ ni, àmọ́ ó ti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo rò pé ibẹ̀ ni lẹ́tà púpọ̀ ti ń bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni "o" àti "ẹ". Ẹgbẹ́ rẹ ni, "o" lo máa ń pè é. Síbẹ̀, nínú ìkíni ọ̀fọ̀, "ẹ kú" la ń lò, torí gbogbo ilé ni ọ̀ràn náà kàn. Nígbà tí o bá wá kan ohun tó kan òun nìkan, padà sí "o". Lẹ́tà náà lè rí báyìí:

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ímeèlì rẹ. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ìrọ́jú. Kí Ọlọ́hun tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Bá mi kí Dádì àti Mọ́mì.

"Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí Màmá ní kí n jókòó, kí n jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tán kí n tó lọ sílé, tí wọ́n sì ń pe èmi náà ní Àbẹ̀kẹ́, bí ẹni pé ọmọ kan náà ni wá. Mo mọ̀ pé o fẹ́ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sin wọ́n. Sunkún rẹ.

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí wàá fi ní kí n sọ. Bí Dádì bá ń lọ sílé fún fídáù, mo lè fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Dulles lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò ní kíláàsì. Má wulẹ̀ dá èsì èyí padà."

Lẹ́tà yẹn kò béèrè ohun tó pa Màmá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ máa ròyìn àìsàn fún èèyàn mẹ́fà. Kò béèrè ọjọ́ ìsìnkú náà, torí ọ̀rẹ́ Mùsùlùmí kan tó kọ "aago mélòó ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n?" lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti fi hàn pé òun kò ka ímeèlì náà tán. Bí ìdílé bá jẹ́ Kristẹni, ìyẹn yàtọ̀. Ìsìnkú lè pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó wáyé, o sì lè béèrè ọjọ́ rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí o sì fi Àlùjánnà sílẹ̀. Àdúrà afẹ́fẹ́ rere ṣì tọ́ sí wọn. Ìrànlọ́wọ́ inú lẹ́tà náà ní ọjọ́ àti ibi nínú. "Sọ fún mi bí o bá fẹ́ nǹkan kan" ń fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ní iṣẹ́ tuntun, torí òun ni yóò tún ronú ohun tí yóò bẹ̀ ọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni ọdún 54, ló kú, gbogbo rẹ̀ yí padà. Òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Má dárúkọ ìnáwó rárá, má sì sọ pé ó lọ síbi tó dára. "Ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tu yín nínú, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́" ti tó. Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló kú lọ́jọ́ ìbí, tí ìyá rẹ̀ yè, àwọn àgbà máa ń ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Lẹ́nu ọ̀dọ́, lórí ímeèlì, ó lè dà bí ẹni pé o ń ka ọmọ náà sí omi lásán.

Kọ ọjọ́ kẹjọ sí kàlẹ́ńdà fóònù rẹ, àti ogójì ọjọ́. Láàárín méjèèjì, èsì àwọn ọ̀rẹ́ á ti dákẹ́, kíláàsì á ti bẹ̀rẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè Màmá mọ́. Ìgbà yẹn ni kí o kọ ìlà méjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.