Aràn Inú Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀: Ìdí Tí Ẹran Náà Fi Gbọ́dọ̀ Jinná Dénú

Ní ìgbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wárápá gbé ọmọkùnrin kan ṣubú ní alẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo wa jókòó tí a ń kàwé. Ara rẹ̀ le, ó ń jàpà, itọ́ sì ń hó ní ẹnu rẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà jù nínú wa pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fara kan itọ́ náà, nítorí ẹni tí ó bá kàn án yóò kó àìsàn náà. Ní ọjọ́ kejì, a ya abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá rẹ̀ fi wá kó ẹrù rẹ̀, ọmọ náà kò sì padà wá mọ́. A wà nínú àwọn tí wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.

A kò mọ ohun tí ó fa àìsàn ọmọ náà, a kò sì lè sọ ọ́ títí di òní, nítorí ohun tí ó ń fa wárápá pọ̀. Ṣùgbọ́n a ti wá mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú wọn tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò ọbẹ̀ àti láti ẹ̀yìn ilé, tí ọwọ́ ènìyàn sì lè dá dúró. Òun ni aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí aràn yìí ti fìdí múlẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tí wárápá ń ṣe ni ó jẹ́ pé aràn yìí ni ó fà á. A sì ti rí i nínú ẹlẹ́dẹ̀ àti nínú ènìyàn ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò.

Aràn pẹlẹbẹ ni, ó funfun, ó sì gùn bí okùn. Nínú ìfun ènìyàn nìkan ni ó ti ń dàgbà di ògbólógbòó, ó lè gùn tó mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ègé wẹ́wẹ́ tí a so mọ́ ara wọn ni gbogbo gígùn rẹ̀. Àwọn ègé tí ó wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ó kún fún ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tàbí àádọ́ta. Àwọn ègé wọ̀nyí a máa já, wọn a sì bá ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Bí ẹni náà bá yàgbẹ́ sí inú igbó tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, tí ẹlẹ́dẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri sì débẹ̀, yóò jẹ ẹyin náà mọ́ ìgbẹ́. Nínú ẹlẹ́dẹ̀, ẹyin náà kì í di aràn gígùn. Ọmọ inú rẹ̀ a gún ìfun kọjá, a bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, a sì lọ gúnlẹ̀ sínú ẹran ara. Níbẹ̀ ni yóò ti di àpò omi kékeré kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ, tí orí aràn tuntun sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹran náà láìjinná, orí yìí yóò fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ìfun wa. Nígbà tí ó bá tó oṣù méjì, ó ti dàgbà, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹyin jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí, ìyà rẹ̀ kì bá tí pọ̀. Ẹni tí ó ní aràn gígùn yìí nínú ìfun lè máà mọ̀ rárá, tàbí kí inú kàn máa run ún díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó burú ni ẹyin. Bí ẹyin náà bá bọ́ sí ẹnu ènìyàn, ohun tí ó ń ṣe nínú ẹlẹ́dẹ̀ náà ni yóò ṣe nínú rẹ̀. Yóò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì lọ di àpò omi nínú ẹran ara, nínú ojú, tàbí nínú ọpọlọ. Àpò inú ọpọlọ lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfa ìrora. Nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí kú ni ara yóò tó gbógun tì í, ibi tí ó wà yóò wú, orí fífọ́ àti wárápá yóò sì dé. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó wà, a kò sì gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀. Ẹran tí kò jinná ni ó ń fún ènìyàn ní aràn inú ìfun. Ẹyin tí ó ti inú ìgbẹ́ ènìyàn wá ni ó ń gbé àpò aràn lọ sínú ọpọlọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Niú Yọ́ọ̀kì ní ọdún 1990 àti 1991 ni ó mú kí èyí yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní àárín àwọn Júù tí wọ́n ń pa òfin Mósè mọ́ gidigidi, àwọn mẹ́rin tí wọn kò bá ara wọn tan bẹ̀rẹ̀ sí ní wárápá léraléra. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ ọpọlọ wọn wò, àpò aràn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé àwọn tí Lefitiku orí kọkànlá ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀ fún ni wọ́n, wọn kò sì jẹ ẹ́ rí. Àwọn tí ń ṣèwádìí wá béèrè ẹni tí ń gbọ́ oúnjẹ nínú ilé wọn. Wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n wá láti àwọn orílẹ̀-èdè Látìn Amẹ́ríkà tí aràn yìí ti wọ́pọ̀ ni. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n bá aràn nínú ìfun ẹnì kan. Ẹni tí ó ní irú aràn yìí kò mọ̀ pé òun ń gbé nǹkan kiri. Bí ó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ láìfọ ọwọ́ dáadáa, ẹyin tí ojú kò lè rí yóò tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ dé inú abọ́. Ẹran tí ẹnì kan jẹ láìjinná ní ìlú rẹ̀ ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí.

Àwọn baba wa ní, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti yí ẹrẹ̀, ẹni rere ni ó ń wá tí yóò fi ara yí. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ìjerò, Àrámọkọ, Ẹfọ̀n àti àwọn ìlú agbègbè wa. Ẹni tí ó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tí ó sì jẹ́ kí ó máa jẹ̀ kiri ní etí igbó níbi tí àwọn ènìyàn ń yàgbẹ́ sí, òun ni ó ń so ìyípo náà pọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí a sé mọ́ inú ọgbà, tí a ń gbé oúnjẹ fún níbẹ̀, kò lè rí ìgbẹ́ ènìyàn jẹ. Ibi tí a ti ń fún ẹran lókùn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dé orí ààrò.

Bí a bá fẹ́ ra ẹran, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ahọ́n, ọkàn, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹran èjìká, nítorí ibẹ̀ ni àpò wọ̀nyí sábà máa ń pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí alápatà la ẹran náà. Bí a bá rí nǹkan funfun roboto tí omi wà nínú rẹ̀, bí ìrẹsì tí a ti sè, tí ó há sí àárín ẹran pupa, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá kì í ní omi nínú, kì í sì í bẹ́ bí a bá fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe ra irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Bí àpò náà kò bá pọ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ wolé-wolé tí ojú rẹ̀ mọ́ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ parí ohun tí ojú bẹ̀rẹ̀.

Ooru ni ó ń pa á. Àwọn onímọ̀ ní kí inú odidi ègé ẹran gbóná dé ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó gé e. Ẹran tí a lọ̀ gbọ́dọ̀ dé 71. Nínú ilé tí kò sí òṣùwọ̀n ooru, ẹ gé ẹran náà sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó gbé e kaná, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ hó títí tí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ègé tí ó nípọn jù lọ, kí ẹ là á sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì pupa tàbí bí omi pupa bá ń jáde lára rẹ̀, ẹ dá a padà sórí iná. Níbi sísun ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ní ìgbà Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí ìnáwó, a máa ń gbé itan ńlá sórí ẹyín iná. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, òórùn rẹ̀ á ta sánsán, ebi á sì ti ń pa àwọn àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó sún mọ́ eegun kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ bọ irú ẹran bẹ́ẹ̀ jinná kí ẹ tó sun ún. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé èéfín tàbí ata.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè nípa ẹ̀rọ amúǹkandì. Lóòótọ́, òtútù ń pa á bí ẹran bá wà ní ìwọ̀n 15 sísàlẹ̀ òdo fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ṣùgbọ́n bí iná mànàmáná bá ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ẹran sì ń yọ́ tí ó tún ń dì, a kò lè ka ọjọ́ mẹ́ta náà pé. Ẹ jẹ́ kí a sè é.

Bí ẹnikẹ́ni bá rí ègé pẹlẹbẹ funfun tí ó dàbí sùpàgẹ́tì tí a gé kúrú nínú ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, kí ó má ṣe tijú, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn. Oògùn wà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ń lé aràn inú ìfun jáde. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe lọ ra oògùn aràn lò fúnra rẹ̀, pàápàá bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí bí wárápá bá ti gbé e rí. Àwọn oògùn kan wà tí ń pa àpò inú ọpọlọ, bí ó bá sì kú lójijì, ọpọlọ lè wú kí wárápá tún le sí i. Dókítà ní láti kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ, kí ó sì fi oògùn mìíràn tí ń dín wíwú kù kún un. Títí ẹni náà yóò fi rí ìtọ́jú, kí ó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, nítorí ẹyin ara rẹ̀ lè wọ inú òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe inú àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan.

Itọ́ ẹnu ẹni tí wárápá gbé ṣubú kì í ràn. Àbọ́ àti ṣíbí rẹ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bí àpò aràn bá tilẹ̀ wà nínú ọpọlọ rẹ̀, kò lè ti ibẹ̀ jáde bá ẹlòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń sọ yìí, ohun tí ó tọ́ ni kí a yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, kí a má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a dúró tì í títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kí a sì sin ín dé ilé-ìwòsàn. Dípò bẹ́ẹ̀, a ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí lónìí, ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó padà sí ilé ibùgbé wọn, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn.