Nígbà Tí Ọkàn Bá Ṣàdédé Sáré

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin ẹni ọdún 34 kan, tó ń to aṣọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú ẹrù, bó ṣe nàró ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Kò sáré, ẹnikẹ́ni kò bí i nínú, ibà kò sì ṣe é. Ó kàn rí i pé nǹkan ń fò fìrì-fìrì lọ́rùn òun. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 188 ní ìṣẹ́jú kan. Ti àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ kì í sábà ju 60 sí 100 lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni dókítà kọ́kọ́ bi í. Ọkàn tó ń sáré nítorí ibà, ìpayà tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà nù a máa yára díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò sì rọlẹ̀. Tirẹ̀ ṣẹlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tan iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti sọ fún pé ìbẹ̀rù lásán ló ń dà wọ́n láàmú, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn yìí gan-an ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iná tín-ín-rín ló ń mú kí ọkàn lù. Láti yàrá òkè ló ti ń wá, ó sì gbọ́dọ̀ gba inú kókó kan kó tó dé yàrá ìsàlẹ̀. Nínú kókó yìí, ọ̀nà méjì ni àwọn kan ní: ọ̀kan yára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó sinmi tán, èkejì ń fà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ sinmi tán. Lọ́jọ́ tí lílù kan bá ṣèèṣì wá ṣáájú àkókò rẹ̀, yóò bá ọ̀nà tó yára lẹ́nu ìsinmi, yóò sì gba ọ̀nà tó ń fà sọ̀kalẹ̀. Kó tó dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà kejì ti sinmi tán, ni iná náà bá gba ibẹ̀ padà sókè. Bó ṣe ń yí po nìyẹn, gbogbo ìyípo kan sì jẹ́ lílù kan. Yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ wá ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ ń ta padà sọ́rùn. Ohun tó ń fò níbẹ̀ nìyẹn.

Tí kókó yẹn bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ìyípo náà já. Gbogbo ìtọ́jú tó kù, orí èyí ló dúró lé.

Wọ́n wo ìfúnpá rẹ̀, ó dára. Kò dákú, àyà kò dùn ún, mímí rẹ̀ já gaara. Ká ní ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an ni, wọn kò ní fi oògùn jáfara. Wọn yóò kùn ún lóorun, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ iná tún ọkàn náà ṣe. Bébà tí ẹ̀rọ ya fi hàn pé lílù náà ń lọ déédéé, àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí ṣe pàtàkì: tí kò bá lọ déédéé, tí àwòrán rẹ̀ sì fẹ̀, oògùn tí mo fẹ́ sọ yìí lè pa èèyàn.

Wọ́n ní kó fara ti ìrọ̀rí, kó fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu sírínjì mílílítà 10 títí igi inú rẹ̀ yóò fi sún, fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ gbalaja, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 15 mìíràn. Èyí ń ta iṣan ara kan jí, tó máa ń fa ìjánu kókó náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2015, ọkàn èèyàn 43 nínú 100 rọlẹ̀ lọ́nà yìí. Àwọn tó fẹ́ atẹ́gùn láìgbé ẹsẹ̀ sókè, 17 péré ni.

Tirẹ̀ kò gbọ́. Adẹnosíìnì ló kàn. Wọ́n bi í bóyá ó ní ikọ́ fée, torí oògùn náà lè fún ọ̀nà èémí pa; ó ní òun kò ní. Wọ́n tún kìlọ̀ fún un pé àyà rẹ̀ yóò fún, ara rẹ̀ yóò gbóná, yóò dà bíi pé ó fẹ́ kú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. (Ẹni tí wọn kò bá sọ èyí fún kì í gbà kí wọ́n fún òun lẹ́ẹ̀kejì.)

Mílígíráàmù 6 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, láti ẹ̀yìn ọwọ́. Kò sí nǹkan tó yí padà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló rí àṣìṣe náà: kí ìṣẹ́jú àáyá 10 tó pé, ẹ̀jẹ̀ ti gbé púpọ̀ lára oògùn yìí mì, nítorí náà kò gbọdọ̀ rin ìrìn gígùn. Wọ́n gún ìgúnpá rẹ̀, wọ́n ti mílígíráàmù 12 wọlé lójijì, wọ́n sì fi omi iyọ̀ mílílítà 20 lé e kíákíá, wọ́n na apá rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ ń ya bébà lọ ní gbogbo àkókò náà. Ìlà tó wà lórí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà díẹ̀, lílù kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó di 84.

Wọ́n fún un ní ẹ̀dà bébà méjèèjì, ti ìgbà tó ń sáré àti ti ìgbà tó rọlẹ̀. Tó bá ń padà wá lemọ́lemọ́, dókítà ọkàn lè ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan itan, kó sì jó ọ̀nà tó ń fà náà pa. Bébà àkọ́kọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ bèèrè, torí lọ́jọ́ tí ara bá ti balẹ̀, ẹ̀rọ kì í sábà rí nǹkan kan.