Kí Ni Dókítà Eyín Ń Kọ Sínú Fáìlì?

“Eyín ń dun aláìsàn. 47 ti jẹrà. A yọ ọ́. Ó gbà.”

Irú àkọsílẹ̀ báyìí kì í ṣe àjèjì nílé ìtọ́jú eyín. Ó kúrú, ó sì yá láti kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́rin ni kò dáhùn. Kí ni aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ? Kí ni dókítà rí? Kí ló mú un gbà pé eyín yẹn gan-an ló ń fa wàhálà? Kí ni aláìsàn sì gbọ́ kó tó ní òun gbà? Àkọsílẹ̀ tó dáa máa ń ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ṣí fáìlì lọ́la má baà ka èrò dókítà bí ẹni pé aláìsàn ló sọ ọ́.

Ká mú àpẹẹrẹ obìnrin kan tó ń ta aṣọ, ẹni ọdún 42. Ó wọlé, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú, ó sì na ìka sí eyín tó gbẹ̀yìn nísàlẹ̀. “Eyín yìí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta,” ló wí. Gbólóhùn yẹn ni dókítà yóò kọ́kọ́ kọ, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bi í léèrè bí ìrora náà ṣe ń rìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀. Omi tútù nìkan ló kọ́kọ́ ń ta á, ṣùgbọ́n ní báyìí tíì gbígbóná náà ti ń dá a lóró, ìrora a sì máa dé fúnra rẹ̀ lóru láìjẹ́ pé ó fẹnu kan nǹkan kan. Gbogbo èyí ló yẹ kó wọ inú fáìlì, nítorí pé ìrora tó ń dé fúnra rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń wá nígbà tí ènìyàn bá jẹ nǹkan nìkan.

Ìtàn ìlera rẹ̀ ló kàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń lo amilodipíìnì mílígíráàmù 5 lójoojúmọ́, ó sì lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tún sọ pé ampikilọ́ọ̀sì kò bá òun lára mu. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ti ń kùnà: wọ́n á kọ orúkọ oògùn náà, wọn ò ní kọ ohun tó ṣe fún aláìsàn. Bó bá jẹ́ pé inú ló kàn ṣí díẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Obìnrin yìí ní ojú àti ètè òun wú, ara òun sì yún òun kíkankíkan láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá ka èyí yóò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn kankan nínú ìdílé pẹnisilíìnì, ì báà ṣe ní òru tí kò sí ẹni tó lè bi léèrè.

Ohun tí aláìsàn sọ pé kò sí náà yẹ kó wà nínú ìwé. “Mo bi í bóyá ó lóyún, ó ní rárá, mo bi í bóyá ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ní rárá.” Bí ààyè yẹn bá ṣófo, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá wọ́n béèrè ni tàbí wọ́n gbàgbé.

Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ó dáa kí òǹkàwé mọ bí àwọn dókítà ṣe ń ka eyín. Wọ́n pín ẹnu sí ọ̀nà mẹ́rin: òkè lápá ọ̀tún aláìsàn ni 1, òkè lápá òsì ni 2, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni 3, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni 4. Láti àárín iwájú ni wọ́n ti ń ka eyín lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8. Nítorí náà, 46 ni eyín kẹfà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ní Amẹ́ríkà, 30 ni wọ́n ń pe eyín yìí kan náà, nítorí pé ìṣirò tiwọn yàtọ̀. Ìdí nìyí tí dókítà tó bá fara balẹ̀ fi máa ń kọ nọ́ńbà náà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀: “46, ìsàlẹ̀ ọ̀tún.”

Obìnrin náà nawọ́ sí 47, nítorí kò sí eyín ọgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ tó wà nínú eyín kì í tètè jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ìrora ti ń wá. Eyín ìsàlẹ̀ tiẹ̀ lè máa dunni bí ẹni pé tòkè ni, bí wọ́n bá jọ wà lápá kan náà. Nítorí náà, dókítà fi òwú tútù kan eyín mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan. 45 àti 47 mọ òtútù náà, ìmọ̀lára ọ̀hún sì lọ kété tí wọ́n gbé òwú kúrò. Nígbà tó kan 46, obìnrin náà fò sókè, ìrora náà kò sì lọ títí ó fi tó ìṣẹ́jú àáyá 40. Bí èsì yìí ṣe rí lára eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ, kì í ṣe ti eyín tó ń ṣàìsàn nìkan.

Ó tún kọ pé ojú kò wú, pé ihò jíjìn wà lójú 46, pé eyín náà kò mì, kò sì dùn nígbà tí wọ́n fi irin kàn án. Ẹ́ksíreè fi hàn pé ihò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹran inú eyín, ṣùgbọ́n kò sí òjìji dúdú nídìí gbòǹgbò. Níní àwòrán nínú fáìlì nìkan kò tó. Ohun tí dókítà rí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀.

Ìgbà yìí ló wá tó láti dárúkọ àrùn: ẹran inú 46 ti wú kọjá ohun tó lè san fúnra rẹ̀, ìdí gbòǹgbò sì wà ní àlàáfíà. Dókítà so ó mọ́ ẹ̀rí: ìrora òru, òtútù tí kò tètè lọ, ihò jíjìn. Ká ní eyín náà kò mọ òtútù rárá, tó sì ń dùn nígbà tí wọ́n kàn án, orúkọ mìíràn ni ìbá jẹ́, nítorí pé ẹran inú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ó tún kọ pé òun kò fún un ní oògùn apakòkòrò, nítorí pé kì í wo irú ìrora yìí.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí aláìsàn mọ irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti owó rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀, lédè tí ó gbọ́. Ìfọwọ́sí lórí fọ́ọ̀mù kò fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ṣe èyí. Ohun tó ń fi í hàn ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀: “Mo ṣàlàyé ní Yorùbá pé a lè tọ́jú gbòǹgbò, a lè yọ eyín, tàbí kí a fi í sílẹ̀. Ìtọ́jú gbòǹgbò lè gba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó lè má yọrí sí rere, eyín náà yóò sì nílò ìbòrí kó má baà là. Bí a bá yọ ọ́, àlàfo yóò wà, ojú ibẹ̀ sì lè dunni fún ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè gbọnú. Ó béèrè bóyá yíyọ eyín lè ba ojú òun jẹ́. Mo ní rárá. Mo sọ iye owó fún un. Ó yan ìtọ́jú gbòǹgbò nítorí kò fẹ́ àlàfo.” Ìbéèrè obìnrin náà àti ìdí tó fi yan ohun tó yàn ló níye lórí jù níbẹ̀, nítorí kò sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ tó lè ní wọn nínú.

Bí dókítà bá wá rántí nírọ̀lẹ́ pé òun kò kọ iye abẹ́rẹ́ tó mú ẹnu obìnrin náà kú, kò gbọdọ̀ padà lọ há a mọ́ àárín ọ̀rọ̀ àárọ̀. Yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó ń kọ ọ́: “Àfikún, aago 6:15 ìrọ̀lẹ́: lidokéènì 2% pẹ̀lú adirẹnalíìnì 1:80,000, mílílítà 2.2.” Bó bá ṣi nǹkan kọ lórí káàdì, ìlà kan ṣoṣo ni yóò fà lé e, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ṣì ṣeé kà, yóò sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.